Ẹran àtọwọ́dá: ṣé orúkọ kan lè bo nǹkan méjì?

Olóòtú ètò rédíò, Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo kọ "ẹran àtọwọ́dá" sínú ètò wa fún ẹran tí wọ́n ń ṣe nínú lábù, mo sì tún lò ó fún ẹran ṣóyà. Ọ̀gá mi ní ọ̀rọ̀ kan kò lè bo méjèèjì. Ṣé ìyàtọ̀ wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni ká máa pè wọ́n?

Olùkọ́ Yorùbá, Ọ̀yọ́

Òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ. Ẹ wo ibi tí a ti ń lo "àtọwọ́dá" tẹ́lẹ̀: ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, adágún odò àtọwọ́dá. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní egungun; ó kàn ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá bá ẹnikẹ́ni mu níbí, ṣóyà ló bá mu. Ti inú lábù, mo dábàá "ẹran àmúhù", nítorí pé díẹ̀ ni wọ́n mú tí wọ́n fi hu púpọ̀.

Onímọ̀ oúnjẹ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á pa ojú ibì kan kú lára màlúù tó wà láàyè, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ńlá yọ ẹran díẹ̀ níbẹ̀, bíi ẹyọ àgbàdo kan tàbí méjì. Màlúù á padà sídìí koríko rẹ̀. Nínú ẹran bíńtín yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé oorun ni wọ́n ń sùn títí ọgbẹ́ á fi dé. Ọgbẹ́ ló ń jí wọn kí wọ́n tún iṣan ṣe. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣà jáde. Wọ́n á kó wọn sínú omi tó ní ṣúgà, iyọ̀, fítámì àti àwọn ègé kéékèèké tí purotéènì fi ń di odidi, wọ́n á sì mú ooru rẹ̀ dúró sí nǹkan bíi dígírì 37. Níbẹ̀rẹ̀, pípọ̀ sí i nìkan ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ tó, wọ́n á dín èròjà tó ń mú wọn pọ̀ kù, ìgbà náà ni wọ́n á so mọ́ra wọn, wọ́n á di fọ́nrán ẹran. Bọ́gà tí wọ́n jẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹjọ 2013, èyí tí Mark Post àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Maastricht, nǹkan bíi 20,000 irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹran màlúù ni. Ohun tí kò ní ni ara màlúù, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà rẹ̀ sì ti wá. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó bá jìnnà sí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ju nǹkan bíi ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà lọ á kú. Bí ẹ bá jẹ́ kó nípọn láì ṣe ọ̀nà tí omi oúnjẹ á gbà wọ inú, ẹ̀yìn á dára, àárín á ti kú. Ìdí nìyí tí ẹran lílọ̀ fi rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti ṣe ju ògidì ẹran tí a lè fi ọ̀bẹ là. Kò tún ní ohun tí ara fi ń bá àrùn jà. Kòkòrò kan ṣoṣo tó bá wọ inú àgbá tí wọ́n ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì lè di méjì láàárín ogún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà tó ń gba sẹ́ẹ̀lì ẹran ní nǹkan bí odidi ọjọ́ kan. Nínú ìgò lábù, wọ́n sábà máa ń fi aró kan sínú omi náà. Bí omi pupa bá di yẹ́lò tó sì dàrú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí àtúnṣe, dídà nù ni.

Ohun tí mo ní lòdì sí "àmúhù" ni pé iṣu ló ń hù, irun ló ń hù. Ẹni tó bá gbọ́ "hù" á rò pé inú oko ni ó ti wá, á sì padà sọ́dọ̀ ṣóyà tí a fẹ́ yà á kúrò lára rẹ̀.

Ìyá Oníwàrà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ má jẹ́ kí ti ṣóyà le jù. Wàrà ṣóyà tí à ń ṣe náà ni. Rẹ ẹ̀wà rẹ, lọ̀ ọ́, sẹ́ ẹ, gbé e kaná, fi álọ́ọ̀mù tàbí omi ògì kíkan sí i kó dì, dì í mọ́ aṣọ, fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Gé e, dín in. Ẹran ṣóyà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò bi wá ní orúkọ rí.

Onímọ̀ oúnjẹ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀wà kan náà ni, ọ̀nà ló yàtọ̀. Ẹ bu wàrà yín sọ́wọ́, ẹ fà á: ibikíbi ló lè já sí. Ẹ wá mú ẹran ṣóyà inú ọ̀rá, ẹyọ kan tí ẹ ti rẹ sómi gbígbóná, ẹ fa òun náà: apá kan ni ó ń ya sí, bí ẹran. Ẹ̀rọ ló fún un ní ìyẹn. Ìyẹ̀fun ṣóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò ni wọ́n ń dà sínú páìpù irin tí irin lílọ́ bíi ti ẹ̀rọ ìlọta ń tì í lọ. Omi díẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ líle, ooru tó lè lé ní dígírì 140. Purotéènì á yọ́, á tẹ́ gbọọrọ sí ọ̀nà tí wọ́n ń tì í gbà, bí ó bá sì yọ sí gbangba, omi inú rẹ̀ á di oru lẹ́ẹ̀kan náà, á wú u bíi kànrìnkàn.

Bí òróró bá ṣẹ́ kù púpọ̀ nínú ìyẹ̀fun, ṣe ni á máa yọ̀ nínú páìpù, kò ní tẹ́ fọ́nrán. Bí ooru kò bá tó, òórùn ẹ̀wà tútù á kù lára rẹ̀, á sì fọ́ sínú ọbẹ̀. Ẹ lè dá a mọ̀ kó tó dé ìkòkò: ẹ rẹ ẹyọ méjì sómi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 20, ẹ fún un. Èyí tó dára á padà wú bí ẹ bá tú ọwọ́; èyí tí kò dára á di ẹ̀kọ láàárín ìka yín.

Ọ̀dọ́ kan, Ọ̀yọ́

Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe àwọn adìẹ àgíríìkì tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ ni ẹ ń sọ? Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní ẹran àtọwọ́dá ládùúgbò wa.

Olùkọ́ Yorùbá, Ọ̀yọ́

Rárá, àbúrò mi. Adìẹ àgíríìkì jẹun, ó rìn, wọ́n pa á. Ṣùgbọ́n o ṣeun tí o sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pe adìẹ báyìí, ó ti di mẹ́ta lábẹ́ orúkọ kan.

Ọmọ Alápatà, Akẹ̀sán

Ẹran tí a kò pa ni tiwọn. Ẹ pè é ní "ẹran àìpa", gbogbo ọjà ló máa yé. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ènìyàn pé kò sí ṣàkì, kò sí bọ̀kọ̀tọ̀, kò sí fùkù níbẹ̀. Àbí kí ni àwọn alásè á fi se ọbẹ̀ onírúurú ẹran? Ẹran kan kì í sì í dùn bí èkejì: òbúkọ ní òórùn tirẹ̀, màlúù ní tirẹ̀.

Àfáà kan, Ọ̀yọ́

Ọmọ Alápatà, "ẹran àìpa" kò ní ṣeé gbọ́ sétí Mùsùlùmí. Òkú ẹran ni a ó gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí a bá gé lára ẹran tó wà láàyè, òkú la kà á sí. Àwọn àfáà Síńgápọ̀ ti dá ọ̀rọ̀ yìí sọ ní 2024, wọ́n ní ó lè jẹ́ hàláàlì bí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ bá wá láti ara ẹran hàláàlì. Ṣùgbọ́n bí ohun tí a gé lára alààyè bá jẹ́ òkú lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ pípa ṣì wà nínú rẹ̀. Orúkọ tó bá ní kò sí pípa á tan àwọn kan jẹ.

Onímọ̀ oúnjẹ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tí Ọmọ Alápatà sọ nípa òórùn jinlẹ̀ ju bí ó ti rò lọ. Inú ọ̀rá ni òórùn òbúkọ wà. Bọ́gà 2013 yẹn kò ní ọ̀rá rárá, àwọn tó tọ́ ọ wò sì ní jíjẹ rẹ̀ sún mọ́ ẹran, ọ̀rá ni wọn kò rí. Àwọ̀ rẹ̀ náà ṣí, nítorí pé èròjà pupa tó ní irin kò tó nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣe iṣẹ́ rí. Omi bíìtìrúùtù àti sáfúrónì ni wọ́n fi kùn ún. Àwọn tó ń ti ọ̀dọ̀ ewéko bọ̀ wá irú èròjà pupa bẹ́ẹ̀ kiri títí wọ́n fi rí i nínú gbòǹgbò ṣóyà. Ẹ fa ṣóyà tútù kan tu, ẹ la kókó ara gbòǹgbò rẹ̀, ẹ ó rí i tí inú rẹ̀ pupa. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan ń fi ìwúkàrà ṣe irú èròjà yẹn, wọ́n sì ń fi sínú bọ́gà ṣóyà.

Ní ti oúnjẹ inú wọn, olóòtú, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá ṣóyà. Purotéènì 50 gíráàmù nínú 100 gíráàmù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni wọ́n wọ̀n. Bí ẹ bá rẹ 100 yẹn, ó lè di 300, ìyẹn ni pé 100 inú abọ́ kò ní ju 17 lọ. Ẹran màlúù tí kò lọ́ràá ń lọ sódì kejì: 100 gíráàmù tútù ní nǹkan bí 20, omi á jáde nígbà tó bá ń jiná, á kù bíi 70, nítorí náà 100 gíráàmù ẹran jíjiná lè sún mọ́ 28. Ẹran ń fún ọbẹ̀ lómi, ṣóyà ń gbà á lọ́wọ́ ọbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún omi àkọ́kọ́ jáde lára ṣóyà kó tó wọ inú ata: omi ẹ̀wà ló gbà, ẹ jẹ́ kó tu ú, kó wá gba omi ata.

Fítámì B12 kò sí nínú ṣóyà àfi bí wọ́n bá fi sí i. Ti inú lábù ńkọ́? Kòkòrò inú ikùn màlúù ló ń ṣe B12, ẹran ara rẹ̀ kì í ṣe é. Ohun tí wọ́n bá fi sínú omi àgbá ni ẹran àgbá á ní.

Ní tèmi, "ẹran àtọ́dàgbà" fún ti lábù, "àfidípò ẹran" fún ṣóyà. Ẹ má pè é ní "ẹran ṣóyà": ẹran màlúù, ẹran ewúrẹ́, ẹni tó tẹ̀ lé "ẹran" ló ni ẹran. Ṣóyà kò ní ẹran.

Ìyá Oníwàrà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ṣóyà kò ní ọmú náà, ẹ sì ń pe wàrà rẹ̀ ní wàrà. Ẹran ṣóyà ni àwọn tó ń tà á ń pè é lọ́jà, mi ò rí ẹni tó máa dúró níwájú ìsọ̀ kó béèrè àfidípò ẹran.

Olùkọ́ Yorùbá, Ọ̀yọ́

Ìyá ṣẹ́gun lórí ìyẹn, ní tèmi. Ṣùgbọ́n onímọ̀, "àtọ́dàgbà" ń kọ mí lóminú. Lórí rédíò, ohùn á gbé e. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá láìfi àmì sí i bí wọ́n ti sábà máa ń ṣe, "ato" ni ojú á kọ́kọ́ rí, ẹ sì mọ ohun tí ènìyàn á kà á sí. Mo gbà pé "tọ́" dára, torí pé ìtọ́jú ni wọ́n fi dàgbà. "Ẹran àsìn" ńkọ́, láti inú ọ̀sìn?

Onímọ̀ oúnjẹ, Ògbómọ̀ṣọ́

Odidi ẹran ni à ń sìn, ẹ̀gbọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í sin itan.

Olóòtú ètò rédíò, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ Ẹtì ni ètò náà. Màá sọ "ẹran ṣóyà" fún ọ̀kan. Èkejì, màá sọ ọ́ ní gbólóhùn, "ẹran màlúù tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú àgbá", títí tí ẹ ó fi rí orúkọ tí a lè tẹ̀ sára ọ̀rá láìfi àmì.