Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìwé kọntiníútì

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́ o, èmi ni mò ń ṣe kọntiníútì fíìmù kan tá a ń yà l'Abẹ́òkúta, èmi ni mò ń ṣọ́ ọ kí ìmúra òṣèré má bàa yàtọ̀ nínú àwọn síìnì tó tẹ̀ léra. Lọ́jọ́ kìíní a ya síìnì 12, ìyàwó bọ́ síta, ṣùkú lórí, ìlẹ̀kẹ̀ méjì lọ́rùn, báàgì lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ kẹrin la tó ya síìnì 11, ibi tó ti ń jáde ní pálọ̀, àṣé ìlẹ̀kẹ̀ ti di ẹyọ kan, báàgì ti bọ́ sọ́wọ́ òsì! Ọjọ́ tá a ya nǹkan ni mo fi ń to ìwé mi, fọ́tò iwájú nìkan ni mo sì ń yà. Ṣé ọjọ́ inú ìtàn ló yẹ kí n fi máa tò ó, kí n sì ya ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn kún un? Tí irun bá wá tú láàárín síìnì ńkọ́, ṣé ìwé ọ̀tọ̀ lẹ máa ń kọ fún un?