Bàtà Ojúde Ọba: gìgísẹ̀ ti dúró, ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ló kù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàtà aláwọ olókùn ni ẹgbẹ́ wa fẹ́ wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, awọ rẹ̀ sì le gan-an.

Gìgísẹ̀ kọ́kọ́ ń yọ sókè sódò, ìyẹn ló sì máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lé ròrò. Mo wá fi okùn ṣe ojóbó kékeré síbi ihò tó kẹ́yìn lókè, lọ́tùn-ún lósì, mo ki okùn kọ̀ọ̀kan bọ ojóbó òdìkejì, mo fà á le kí n tó so ó. Gìgísẹ̀ ò yọ mọ́. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń wọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, èyí tó nípọn níta, kí wọ́n máa fi ara wọn ha dípò awọ ẹsẹ̀. Mi ò lo olówùú, torí ó ń gba òógùn dúró, awọ tó bá sì rin máa ń tètè bó. Ìṣẹ́jú 30 nínú ilé ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Bí ibì kan bá ti ń gbóná, mo bọ́ ọ.

Ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kù, ó ń pọ́n lẹ́yìn wákàtí kan. Ṣé kí n fo ihò okùn tó sún mọ́ ibẹ̀ jù? Bí mo bá fò ó, ṣé gìgísẹ̀ ò ní tún máa yọ? Àbí ìbọ̀sẹ̀ méjì ló gba àyè ibẹ̀ tán? Àbí kí n kúkú gbé e fún ṣúmékà kó bá mi fẹ̀ ẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n.