Búlúù lógò tó ń tàn lójú fóònù: íǹkì wo ló sún mọ́ ọn jù?

Òkè-Fíà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbàárà kan níbí l'Òṣogbo fẹ́ lógò aláwọ̀ kan ṣoṣo. `#0000FF` ló yàn lójú fóònù. Káàdì dídán àti lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì la fẹ́ tẹ̀. Nọ́ńbà íǹkì Pántóònù wo ló bá a mu?

Ọmọ Ayétòrò: Ìyẹn ò le. Nínú Fótóṣọ́ọ̀pù, tẹ àpótí àwọ̀, kí o wá tẹ `Color Libraries`. Nọ́ńbà tó bá dúró lé ni kí o mú.

Bàbá Ìtẹ̀wé: Ọ̀nà yẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹ wo àkójọ tó ṣí sílẹ̀. Láti ìparí 2022 ni wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ àkójọ Pántóònù kúrò níbẹ̀. `PANTONE+ CMYK Coated` wà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù. Bí nọ́ńbà bá ní P níwájú àti ìlà kékeré láàárín, bíi `P 102-8 C`, íǹkì mẹ́rin tí à ń tẹ̀ léra ni, kì í ṣe íǹkì kan tí a pò.

Ti `#0000FF`, iná ni fóònù fi ń gbé e jáde; íǹkì kankan ò lè tàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ó pàdánù nǹkan kan dandan, ẹ kàn yan èyí tó máa dùn yín kéré jù. Ẹ ṣí ìwé àwọ̀ Pántóònù lẹ́nu ọ̀nà lójú mọmọ, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù pupa. `Blue 072 C` ṣì ní elésè àlùkò tó wà nínú àwọ̀ yẹn, àmọ́ ó ṣókùnkùn. `2728 C` mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n elésè àlùkò rẹ̀ ti dínkù. Èmi á mú 2728, torí ìmọ́lẹ̀ ni ojú oníbàárà kọ́kọ́ ń wá. Ẹ ṣọ́ra fún `Reflex Blue`: kì í tètè gbẹ. Bí ẹ bá tètè to káàdì léra, á máa ràn mọ́ ẹ̀yìn ara wọn.

Aládìrẹ: Inú fọ́tò aṣọ mi ni mo ti yọ àwọ̀ aró tèmi. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó dúdú ju aṣọ lọ. Ṣé ìwé àwọ̀ náà ló ti gbó ni?

Bàbá Ìtẹ̀wé: Fọ́tò yẹn ni mo fura sí, ìyá wa. Kámẹ́rà ló bá yín pinnu bí aró ṣe rí. Ẹ tẹ́ aṣọ gan-an sílẹ̀, kí ẹ gbé ìwé àwọ̀ lé e lórí.

Òkè-Fíà: Lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì wá ńkọ́? Bébà bọ́ǹdì ni.

Bàbá Ìtẹ̀wé: `2728 C` ti bébà dídán àti `2728 U` ti bébà tí kò dán, íǹkì kan náà ni wọ́n. Bọ́ǹdì ló ń fa íǹkì mu, tí àwọ̀ á fi ṣá. Ìwọ̀n èròjà wà lábẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé; ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, ẹ má fojú dá a. Ẹ pò ó díẹ̀, ẹ fà á pẹlẹbẹ sórí bọ́ǹdì tí ẹ máa lò gan-an, kí ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì tó bá ti gbẹ.

Ọmọ Ayétòrò: Kí ló dé tí a ò ní kúkú wá nọ́ńbà U mìíràn tó jọ káàdì?

Bàbá Ìtẹ̀wé: Àwọn kan ń ṣe é. Íǹkì méjì nìyẹn, ẹ ó sì fọ ẹ̀rọ láàárín. Fún ìdì lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì méjì, èmi ò ní ṣe é.

Ọmọ Ayétòrò: Èmi á ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni káàdì àti lẹ́tà máa wà lórí tábìlì.