Ọjọ́ orí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé

Olùtumọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìléwọ́ kan ni mò ń túmọ̀ fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn tètè dé. Kí ni kí n pe ọjọ́ orí tó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò pé kúrò? Ṣé «ọjọ́ orí àtúnṣe» dára?

Olùkọ́ Yorùbá, Ìjẹ̀bú-Igbó: «Àtúnṣe» kò dára, nítorí ìyá lè rò pé wọ́n ṣi ọjọ́ ìbí ọmọ òun kọ. «Ọjọ́ orí àyọkúrò» ni mo fara mọ́, torí pé ìyọkúrò gan-an ni a ń ṣe. Oṣù mẹ́sàn-án ni oyún, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú oṣù. Nítorí náà, inú 36 ni ká ti yọ ọ̀sẹ̀ tí a bí ọmọ.

Nọ́ọ̀sì, Ṣágámù: Olùkọ́ wa, ohun tí ẹ sọ nípa «àtúnṣe» tọ̀nà, ṣùgbọ́n 40 ni a fi ń ṣírò, nítorí ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí ìyá rí kẹ́yìn ni a ti ń ka ọ̀sẹ̀ oyún. Bí a bá bí ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 30, ó fi ọ̀sẹ̀ 10 tètè dé. Nígbà tó bá lo ọ̀sẹ̀ 26 láyé, tí gbogbo ilé ń pè é ní ọmọ oṣù mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ 16 ni a ó fi wo ìwọ̀n rẹ̀ àti bó ṣe ń gbé orí dúró. Ẹni tó fi 36 ṣírò yóò rí 20, yóò sì máa pe ọmọ tó ń ṣe dáadáa ní ọmọ tó rẹ̀yìn. Ní tèmi, «àyọkúrò» dà bí ẹni pé a gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní «ọjọ́ orí ìpéoṣù», torí pé ọjọ́ tí oṣù rẹ̀ ìbá pé ni a ti ń kà á.

Ìyá kan, Ìperu: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tèmi náà kò pé oṣù. Ṣé kí n má tíì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà ni?

Nọ́ọ̀sì, Ṣágámù: Rárá o, ìyá wa. Ọjọ́ tí ẹ bí i gan-an ni a fi ń ka ti abẹ́rẹ́, bí dókítà kò bá ti sọ pé kí ẹ dúró. Bí ìyá ọmọ ọ̀sẹ̀ 30 yẹn bá yọ 10 kúrò, ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún ni ọmọ náà yóò tó gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, àìsàn kò sì ní dúró dè é. Ìdàgbàsókè ni ìyọkúrò wà fún, a sì sábà máa ń ṣe é títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì.

Olùkọ́ Yorùbá, Ìjẹ̀bú-Igbó: Mo gba 40. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ni «ìpéoṣù» rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ yẹn kò tíì kò?

Nọ́ọ̀sì, Ṣágámù: Nígbà náà, àròpọ̀ ni a ń ṣe: 30 àti 4, ó di ọmọ ọ̀sẹ̀ 34.

Olùkọ́ Yorùbá, Ìjẹ̀bú-Igbó: A jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì ni olùtumọ̀ wa nílò, ọ̀kan fún ìgbà tí oṣù kò tíì pé, ọ̀kan fún ẹ̀yìn rẹ̀. N kò tíì fi «àyọkúrò» sílẹ̀ fún èkejì.