Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sórí Instagram nígbà tí mo fẹ́ ṣí sálúùnù mi

Onídìrí: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹlòmíì má bàa ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe. Lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ ṣí sálúùnù mi, mo ya àwòrán ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sórí Instagram, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ọpẹ́ ni fún Olúwa! Àlá mi ti ṣẹ. Ẹ ṣeun gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró tì mí. Ẹ wá bá mi yọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìdajì owó fún àwọn oníbàárà àkọ́kọ́!”

Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Sátidé, obìnrin 36 ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Àwa onídìrí mẹ́ta péré la wà. Ẹni tó dé ṣìkẹrin ní òun ni àkọ́kọ́. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn náà ní òun ni àkọ́kọ́, torí òun ò ṣe irun lọ́dọ̀ mi rí. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, èmi ni mi ò sọ iye ènìyàn tó wà lọ́kàn mi. Ọ̀kan ti tú irun rẹ̀ láti ilé, ó so síkáàfù mọ́rí, òòyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ní kó padà wá, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ìyá Sálúùnù: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọwọ́ tó máa ṣiṣẹ́ ni kó o kọ́kọ́ kà, kó o tó kọ ohunkóhun. Bí irun dídì kéékèèké bá gba wákàtí márùn-ún, ẹnì kan ò lè di ju orí méjì lọ lójúmọ́. Orí 6 nìyẹn fún ẹ̀yin mẹ́ta. Àwọn 36 yẹn, iṣẹ́ ọjọ́ 6 gbáko ni.

Nígbà tí mo ṣí ẹ̀ka kejì, ohun tí mo kọ nìyí: “A máa yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó iṣẹ́ fún ènìyàn 18 tó bá kọ́kọ́ gba àyè. Irun dídì nìkan. Sátidé sí Mọ́ńdè. Ẹ kọ ÌṢÍLẸ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ó sọ ọjọ́ àti aago yín.” Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó wá dúpẹ́. Instagram máa ń ká ọ̀rọ̀ tó bá gùn kò, bíi lẹ́tà 125 àkọ́kọ́ ló ń hàn kéèyàn tó tẹ “more”. Ọpẹ́ lo fi ṣíwájú, ẹ̀dínwó lo wá fi kẹ́yìn.

Owó iṣẹ́ ni mo sì kọ, kì í ṣe gbogbo owó. Irun tí a fi ń dì í, èmi náà rà á ni. Bí mo bá yọ ìdajì kúrò lára ìyẹn, àpò mi ni mo ń nà.

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́: Ṣùgbọ́n Àǹtí, ṣebí háṣítáàgì ló ń mú èèyàn wá? Ọ̀gá mi kó ọ̀pọ̀ síbẹ̀, ó tún fi línkì àtigbàyè sí i. Àwọn tó rí i pọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó tẹ línkì náà.

Ìyá Sálúùnù: Háṣítáàgì lè mú ẹni tí kò mọ̀ yín rí yín, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó jìnnà ò lè gbé orí rẹ̀ wá. Orúkọ àdúgbò yín ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Línkì tó bá wà lábẹ́ àwòrán kì í ṣe é tẹ̀, ojú ìwé yín gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Kẹ́ ẹ sì máa ṣí “Message requests” wò, torí ibẹ̀ ni ìránṣẹ́ àjèjì ń bọ́ sí. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi ṣìkẹta, ọjọ́ kejì ni mo tó rí i. Mo fún un ní ẹ̀dínwó rẹ̀ ṣáá, ó di 19.

Adirun-nílé: Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ilé ni mo ti ń dirun kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ “oníbàárà tuntun nìkan”, oníbàárà mi ọlọ́dún méje sì bínú, kò padà wá mọ́. Ṣé kí n fi tàwọn àtijọ́ kún un ni?

Ìyá Sálúùnù: Fi kún un. Àwọn ló gbé ẹ débẹ̀.

Onídìrí: Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, Àǹtí, ẹ má bínú. Bí àwọn àtijọ́ bá gba gbogbo àyè tán, ta ni tuntun tó máa mọ̀ wá? Bóyá ká fún wọn ní tiwọn lọ́sẹ̀ mìíràn.

Ní tèmi, mo tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ lójú ẹsẹ̀. Mi ò pa àwòrán náà rẹ́. Mo fi “Àyè ti kún” sí ìlà àkọ́kọ́, mo kọ orúkọ àwọn 36 sínú ìwé, mo fún kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀, ní ìdajì owó iṣẹ́. Ènìyàn 29 padà wá. Olóòyà wá lọ́jọ́ Túsìdeè, òun ni mo kọ́kọ́ dì.