PMP: C ni mo mú, wọ́n ní B ni

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo máa ṣe PMP, ìdánwò àwọn máníjà tó ń darí iṣẹ́, ìbéèrè kan ò jẹ́ kí n sùn lánàá. Wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn. Ẹni tó fẹ́ kó jẹnẹrétọ̀ wá ní òun máa fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́. Ìbéèrè náà sọ pé irú ìdádúró yìí ti wà nínú ìwé tí wọ́n kọ ewu iṣẹ́ sí, pẹ̀lú ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Kí ni máníjà máa KỌ́KỌ́ ṣe?

A. Kó sọ fún ẹni tó ń náwó sí iṣẹ́ náà.
B. Kó ṣe ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀.
C. Kó pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, kí wọ́n wo ibi tó máa pa iṣẹ́ lára.
D. Kó kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú.

C ni mo mú, ìwé tí mo fi ń dánra wò ní B ni. Ṣé C burú ni?

Kọ́lá Sáìtì: Ní sáìtì tiwa l'Ábẹ́òkúta, ọ̀gá la kọ́kọ́ ń pè. Ẹ má pè é, ẹ ó rí i! A ni tèmi.

Dáyọ̀: Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ká máa mú èyí tó ní ká yẹ ọ̀rọ̀ wò kí a tó ṣe nǹkan kan. C ló yẹ. Ó dà bíi pé àwọn tó ṣe ìwé yẹn ló ṣìṣe.

Ìyá Ìbejì: Wọn ò ṣìṣe, Dáyọ̀. Òfin yín máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì yẹ ọ̀rọ̀ wò. Níbí, wọ́n ti jókòó sí i tipẹ́. Wọ́n ti mọ ẹni tó máa bójú tó o àti ohun tó máa ṣe, bóyá kí wọ́n háyà jẹnẹrétọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Bí ẹ bá tún pe ìpàdé, tí ilẹ̀ fi ṣú, jẹnẹrétọ̀ ò tíì sí níbẹ̀.

Kọ́lá, A náà ò burú, ẹ máa sọ fún ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kí ẹ débẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ ti ṣe. Ní ti D, bí háyà bá ṣiṣẹ́, ọjọ́ ò yẹ̀, kí lẹ fẹ́ sún?

Irú èyí ló jẹ́ kí n fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́. Ìbéèrè 180, ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lèèyàn ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kàn ń mú èyí tó bá ti jọ òótọ́. Nísinsìnyí, mo máa ń fi ọwọ́ bo àwọn ìdáhùn, màá ka gbólóhùn tó kẹ́yìn, màá wá bi ara mi pé: ibo ni wọ́n bá iṣẹ́ dé?

Àbẹ̀kẹ́: Tí wọ́n bá yọ gbólóhùn ìwé ewu yẹn kúrò ńkọ́, mà?

Ìyá Ìbejì: C nìyẹn, láìjanpata.

Dáyọ̀: Ó dáa. Tí ó bá wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n tí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ò tó fi háyà?

Ìyá Ìbejì: Hmm. Èmi á mú C, kí D tó tẹ̀ lé e. Ẹni tá a jọ kàwé ní A ni, nítorí owó ti wọ ọ̀rọ̀. A ò tíì parí ìjà yẹn.