Àtẹ iṣẹ́ inú àkọsílẹ̀ ìpàdé àyẹ̀wò: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín ti rí

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Èmi ni mo ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé fún ẹgbẹ́ wa, a sì ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan fún àdúgbò. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston máa ń bá wa jókòó sí ìpàdé lórí fóònù. Ní ọjọ́ Sátidé, 20 oṣù Kẹrin 2024, a ṣe ìpàdé àyẹ̀wò iṣẹ́ náà, mo sì to gbogbo ohun tí a fẹnu kò sí sínú àtẹ kan ní ìparí àkọsílẹ̀: iṣẹ́, ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ parí, àti ipò tí ó wà. Mo rò pé mo ti ṣe é pé.

Ìlà kan sọ pé arákùnrin wa kan ní Houston yóò fi owó pọ́ǹpù ránṣẹ́, mo sì kọ ọjọ́ rẹ̀ báyìí: 06/05/2024. Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ni mo ní lọ́kàn. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, 13 oṣù Karùn-ún, àwọn agbẹ́kànga kó páìpù dé láti wá gbé pọ́ǹpù sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí pọ́ǹpù. Wọ́n jókòó títí di ọ̀sán, wọ́n sì kó ẹrù wọn padà, àwa ni a sì san owó ọkọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo pe arákùnrin wa, ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó ní ọjọ́ ṣì kù nílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ni àkọsílẹ̀ wí. Ó ka ìwé náà sí mi létí, ó sì kà á bí wọ́n ṣe ń kà á ní Amẹ́ríkà, níbi tí oṣù ti máa ń ṣáájú ọjọ́. Èmi ni mo kọ ohun tí ó ní ìtumọ̀ méjì.

Ìlà mìíràn sọ pé ìgbìmọ̀ yóò gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí a fẹ́ gbé táǹkì lé. Ènìyàn mẹ́fà ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí a tún pàdé ní 8 oṣù Kẹfà, kò tíì sí ẹnì kankan tí ó lọ, olúkúlùkù wọn sì rò pé ẹlòmíràn ti lọ.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé mo padà sínú àkọsílẹ̀ oṣù Kẹrin tí ilé ti fọwọ́ sí, mo sì yí ipò àwọn iṣẹ́ kan padà láti fi hàn pé wọ́n ti parí. Bàbá kan mú ẹ̀dà tirẹ̀ tí ó ti tẹ̀ sórí ìwé wá sí ìpàdé, ó fi wé ti ọwọ́ mi, ó sì béèrè èwo nínú méjèèjì ni òótọ́. N kò rí èsì fọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ̀yin ṣe ń to àtẹ yín, níbo ni ẹ sì ń kọ àyípadà sí?

Akọ̀wé iṣẹ́ àkànṣe, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń kọ irú àkọsílẹ̀ yìí, ibi tí Bàbá ti bi yín ní ìbéèrè ni n óò sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ṣubú rí. Olùyẹ̀wò owó kan wá sí ọ́fíìsì wa, ó béèrè ìgbà tí a mọ̀ pé iṣẹ́ kan ti pẹ́, n kò sì lè fi hàn án, nítorí pé ọjọ́ tuntun ni mo máa ń kọ lé ti àtijọ́ lórí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún un síwájú. Lójú ìwé, kò sí iṣẹ́ wa tí ó pẹ́ rí.

Láti ọjọ́ náà, àkọsílẹ̀ tí ilé bá ti gbà wọlé, n kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Iṣẹ́ tí kò bá parí ni mo máa ń gbé wọ inú àtẹ ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ kejì ní ìpàdé kẹta, 3.2 ni yóò máa jẹ́ títí tí yóò fi parí, ìbáà jẹ́ ìpàdé kẹwàá ni a wà. Gbèdéke àkọ́kọ́ kò kúrò níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ tuntun sí. Lórí òpó ìkẹyìn, mo máa ń kọ ọjọ́ tí a wo iṣẹ́ náà, kí ẹni tí ó bá ka ìwé ní oṣù mẹ́ta sí i mọ̀ pé ti ọjọ́ yẹn ni. Ìlà yín ì bá rí báyìí nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé oṣù Kẹfà:

```
Nọ́ńbà:            3.2
Iṣẹ́:              Gba ìwé ilẹ̀ táǹkì tí onílẹ̀ ti fọwọ́ sí
Ọwọ́ ẹni tí ó wà:  Akápò
Gbèdéke:          11 oṣù Karùn-ún 2024
  tuntun:         22 oṣù Kẹfà 2024
Ibi tí ó dé
  ní 8 oṣù Kẹfà:  Kò tíì bẹ̀rẹ̀
```

Ẹ ó rí i pé orúkọ oṣù ni mo fi ọ̀rọ̀ kọ. Ẹni tí ó wà ní Houston àti ẹni tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè kà á sí méjì. Ẹ ó tún rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọ. Bí ènìyàn mẹ́ta bá máa jọ ṣe é, ẹ kọ ẹni tí a ó bi léèrè sínú òpó yìí, kí ẹ sì kọ àwọn olùrànlọ́wọ́ sínú òpó iṣẹ́.

Ọmọ ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ, Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ òpó ipò yìí yé mi dáadáa, nítorí pé ó ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan kò fi ipò tí ó tọ́ sí àwọn àgbà síwájú orúkọ wọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ Alàgbà, Díákónì tàbí Ìyá Ìjọ síbẹ̀ ní kíkún, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé a fojú di òun. A pín àtẹ tí ó ṣófo fún àwọn ènìyàn wa láti kọ ọ̀rọ̀ sí fúnra wọn, ohun tí gbogbo wọn sì kọ sínú òpó náà nìyẹn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, sà. Ipò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ó ti parí, kì í ṣe oyè ẹni tí ó ń ṣe é.

Akọ̀wé iṣẹ́ àkànṣe, Ìbàdàn

Bàbá Òṣogbo kò jẹ̀bi rárá. Orí òpó náà ni ó ṣì wọ́n lọ́nà. Tí a bá kọ “ipò” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ènìyàn, oyè ni Yorùbá yóò kà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ “Ibi tí ó dé”. Bákan náà, mo ti kọ “Ẹni tí ó ni iṣẹ́” rí, agbaṣẹ́ṣe kan sì gbà pé ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún òun ni a ń sọ, nítorí náà ó kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ síbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ọwọ́ ẹni tí ó wà” kò tíì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà láti ìgbà tí mo ti ń lò ó.

Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, Ìkẹjà

Lójú tèmi, ẹ ń fi ọ̀rọ̀ wàhálà ara yín. Excel ni mo fi ń to tèmi, àwọ̀ ni mo sì ń lò: ewé fún èyí tí ó parí, òféfèé fún èyí tí ó ń lọ, pupa fún èyí tí ó ti kọjá gbèdéke. Gbèdéke wà ní òpó D, ibi tí iṣẹ́ dé wà ní òpó E, mo sì fi òfin yìí sínú Conditional Formatting kí ìlà máa pọ́n fúnra rẹ̀:

```
=AND($D2<TODAY(),$E2<>"Ó ti parí")
```

Ẹni tí ó bá ti rí pupa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Kò sí ìdí láti tún kọ ohunkóhun sínú àkọsílẹ̀.

Akọ̀wé iṣẹ́ àkànṣe, Ìbàdàn

Òfin yẹn dára, àbúrò, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ tèmi, ìlà méjì kan kò pọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí gbèdéke wọn ti kọjá. Ẹni tí ó tẹ̀ wọ́n kọ “22 oṣù Kẹfà” sínú òpó D, Excel kò sì mọ̀ ọ́n ní ọjọ́. Ọ̀rọ̀ lásán ni ó kà á sí, ọ̀rọ̀ sì máa ń ju ọjọ́ òní lọ nínú ìṣirò rẹ̀. Ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ ni pé ọjọ́ tòótọ́ máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún nínú àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì fara ti ọwọ́ òsì, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti yí ìtò rẹ̀ padà. Bí ẹlòmíràn bá sì kọ “O ti pari” láìfi àmì sí i, ìlà náà yóò máa pọ́n lọ bí iṣẹ́ tilẹ̀ ti parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti òpó E pa pẹ̀lú Data Validation, kí wọ́n kàn yan ọ̀kan nínú mẹ́rin: Kò tíì bẹ̀rẹ̀, Ó ń lọ, Ó dúró, Ó ti parí. Ẹni tí ó bá yan “Ó dúró” gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó dá a dúró.

Ní ti àwọ̀ nìkan, ẹ rántí pé àwọn àgbà ìlú máa ń tẹ àkọsílẹ̀ yìí sórí ìwé. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ aláwọ̀ dúdú, pupa àti ewé yóò di eérú kan náà. Ẹ fi àwọ̀ sí i bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Atẹ̀wé, Abẹ́òkúta

Èmi kì í ṣe akọ̀wé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé àkọsílẹ̀ wá fún títẹ̀. Ohun tí mo máa ń rí jù ni àtẹ tí ó wọ ojú ìwé kejì láìsí orí òpó lókè, tí ènìyàn kò sì mọ èwo ni gbèdéke mọ́. Nínú Word, ẹ fi kọ́sọ̀ sínú ìlà àkọ́kọ́, ẹ lọ sí Layout ti àtẹ, kí ẹ tẹ Repeat Header Rows. Lẹ́yìn náà, nínú Table Properties, lábẹ́ Row, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Allow row to break across pages, kí iṣẹ́ kan má bàa pín sí ojú ìwé méjì. Bí orí òpó kò bá tún jáde síbẹ̀síbẹ̀, ẹ wo Text wrapping: bí ó bá wà lórí Around, ẹ dá a padà sí None.

Ojú ìwé A4 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 21. Bí ẹ bá fi 2.54 sílẹ̀ lápá méjèèjì, díẹ̀ ni ó kù kí ó pé 16. Mo máa ń fún iṣẹ́ ní 6.4, n óò fún orúkọ ní 3.2, kí n tó pín ìyókù fún nọ́ńbà àti òpó méjì ìkẹyìn. Ẹ yan Fixed Column Width, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ gígùn kan á ti gbèdéke mọ́ ògiri.

Akọ̀wé obìnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Iléṣà

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, ẹ kọ “Akápò” dípò orúkọ nínú àpẹẹrẹ yín. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé Bàbá kan bínú sí mi nígbà tí ó rí orúkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ “Kò tíì bẹ̀rẹ̀” níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, a yan akápò tuntun láàárín ìpàdé méjì. Ti àtijọ́ ní iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ òun, tuntun ní wọn kò fi lé òun lọ́wọ́, iṣẹ́ méjì sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù kan àbọ̀.

Akọ̀wé iṣẹ́ àkànṣe, Ìbàdàn

Òótọ́ ni ẹ sọ, mà, n kò sì tíì rí ọ̀nà tí ó tẹ́ mi lọ́rùn. Orúkọ ni a ń kọ ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n n kò mọ bí n óò ṣe kọ ọ́ láàárín àgbà ìlú. Kí ni ẹ ṣe sí i nígbẹ̀yìn?

Akọ̀wé obìnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Iléṣà

Mo kọ oyè, mo sì fi orúkọ sí abẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Kí n tó fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́, mo máa ń pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ lórí fóònù, kí ó má jẹ́ orí ìwé ni yóò ti kọ́kọ́ rí i. Bàbá náà ṣì ń bínú díẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti dá àkọsílẹ̀ oṣù Kẹrin padà sí bí ilé ṣe fọwọ́ sí i, mo sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún Bàbá nílé. Ní ti ìwé ilẹ̀, orúkọ ẹnì kan ni n óò kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n n óò kọ́kọ́ pè é.